Ẹ bá mi ka ìwé oògùn ojú tí wọ́n kọ fún ìyá mi, fọ́tò rẹ̀ ni mo ní

Àdùkẹ́_Ìkẹjà · Ọjọ́bọ̀, 7:10 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àárọ̀ òní ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kátárákítì fún ìyá mi ní Ìjẹ̀bú. Wọ́n ti padà sílé, bàńdéèjì ṣì wà lójú wọn. Wọ́n ní kí wọ́n ṣí i láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oògùn. Àbúrò mi ló wà lọ́dọ̀ wọn. Ó ya ìwé oògùn náà ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù pé kí n bá òun túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tí màmá á fi gbọ́. Ìwé náà ká létí, iná ilé sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ohun tí mo rí kà nìyí:

```
Gutt. Pred Forte    i qds x 1/52, tds x 1/52, bd x 1/52, od x 1/
Gutt. Moxiflox      i qds OD x 2/52
Gutt. Timolol 0.5%  i bd OD
Tabs PCM            ii tds x 3/7 prn
```

Mo wá `OD` lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibì kan ní lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ni, ibòmíì ní ojú ọ̀tún ni. Èwo ni ká mú? Kí sì ni `1/52`? Ẹ jọ̀ọ́, àárọ̀ ọ̀la ni oògùn máa bẹ̀rẹ̀.

---

BàbáRẹ̀mí · 7:24 alẹ́

Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ìdí ìwé àwọn aláìsàn ni mo wà nílé ìwòsàn ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì, ojú mi ti mọ àwọn nǹkan yìí. `bd` ni ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, `tds` ẹ̀ẹ̀mẹta, `qds` ẹ̀ẹ̀mẹrin, `OD` ẹ̀ẹ̀kan. `i` jẹ́ ẹyọ kan, `ii` jẹ́ méjì. `Gutt.` ni oògùn tí wọ́n ń kán. `1/52` ni ọ̀sẹ̀ kan, torí ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. `3/7` ní tirẹ̀ ni ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀: kí màmá lò ó lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, kí wọ́n fi ìyókù sinmi.

Ìlà kejì, bí mo ṣe rí i, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ títí ọ̀sẹ̀ méjì á fi pé. Kò le rárá.

---

Nọ́ọ̀sì_Hiúsítìnì · 7:51 alẹ́

Ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú sà, BàbáRẹ̀mí, ṣùgbọ́n níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, `OD` kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ o. Ojú ọ̀tún ni, `OS` ni ojú òsì, `OU` ni méjèèjì. Lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ lọ́dọ̀ wa, `QD` ni wọ́n ń kọ tẹ́lẹ̀. Àjọ tó ń fọwọ́ sí àwọn ilé ìwòsàn níbí sì ti fi ìyẹn sínú àwọn ìkékúrú tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ mọ́ láti 2004, torí pé bí ìrù lẹ́tà `Q` bá gùn díẹ̀, `QD` á di `QID`, ẹni tó yẹ kó lo oògùn lẹ́ẹ̀kan á sì lò ó lẹ́ẹ̀mẹrin.

Àbúrò, ìwé oògùn ojú lẹ ní lọ́wọ́. `OD` níbẹ̀, ojú ọ̀tún ni. Ìlà kejì àti ìkẹta, ojú ọ̀tún ni kí wọ́n kán an sí. Ọkàn mi balẹ̀ lórí èyí.

---

Mọ́gàjí_Ọ̀ffà · 8:02 alẹ́

Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ yìí rán mi létí ọ̀rọ̀ bàbá mi. Wọ́n kọ ínsúlínì fún wọn, `10U` làárọ̀. Ìyàwó mi ka ìwé náà, ó ní ọgọ́rùn-ún ni. Lẹ́tà `U` yẹn, tó dúró fún yúníìtì, ẹni tó kọ ọ́ ti pa ẹnu rẹ̀ dé lókè, òdo gan-an ló jọ. Ohun tó gbà wá ni pé ọ̀pá abẹ́rẹ́ náà kò gbà ju 100 lọ, ó wá kún fọ́fọ́, ìyàwó mi ní "ṣé bó ṣe yẹ kó kún nìyí?" ló bá fóònù apòògùn tó tà á fún wa. Apòògùn ní kó gbé e sílẹ̀, kó má fọwọ́ kàn án, kó wá ka ohun tó wà nínú ìwé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún òun. Ìlọ́po mẹ́wàá ni ì bá wọ ara bàbá, láì tíì jẹun àárọ̀.

---

Apòògùn_Táyọ̀ · 8:33 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Apòògùn ni mí, mo ti wà nídìí iṣẹ́ náà fún ìgbà pípẹ́. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó papọ̀.

BàbáRẹ̀mí gba `1/52` dáadáa, sà, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ló wà nínú `3/7`. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ló ń sọ ohun tí à ń kà: 7 ni ọjọ́, 52 ni ọ̀sẹ̀, 12 ni oṣù. Nítorí náà `3/7` ni ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ léra. Parasitamọ́ọ̀lù méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta, bí ìrora bá wà nìkan. `prn` tó wà lẹ́yìn ló sọ ìyẹn: bí kò bá dùn wọ́n, kò sí ìdí láti gbé e mì.

Ìlà kìíní ni ẹ wò dáadáa. Ẹ rí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn: ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mejì fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà `od`. Ibi tó wà nínú àtẹ̀gùn yẹn, iye ìgbà lójúmọ́ nìkan ló lè jẹ́. Sítẹ́rọ́ọ̀dù ni oògùn náà, òun ló ń mú kí ojú tí wọ́n fọwọ́ kàn má wú kó má pọ́n. Wọn kì í dá a dúró lójijì, torí ojú lè tún pọ́n padà. Ìdí tí wọ́n fi ń dín in díẹ̀díẹ̀ nìyẹn.

Ìlà kejì wá yàtọ̀. `qds` ti wà níbẹ̀. Oògùn kan kò lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin àti ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ pọ̀. Ìyẹn ni pé `OD` ibẹ̀, ojú ló ń tọ́ka sí. Bákan náà ni ìlà kẹta, `bd` ti sọ iye ìgbà. Nínú ìwé kan ṣoṣo, lẹ́tà méjì kan náà ti ṣe iṣẹ́ méjì. Àwọn tó ń wo ojú ní Nàìjíríà pàápàá, àwọn kan ń kọ `RE` àti `LE`, àwọn kan ń kọ `OD` àti `OS`, bí olùkọ́ kálukú bá ṣe kọ́ ọ. `OD` sì tún wà lẹ́yìn orúkọ àwọn dókítà onímọ̀ ìríran tí wọ́n ń fúnni ní jígí ojú, oyè wọn ni.

Ṣùgbọ́n Àdùkẹ́, ẹ má tíì sọ nǹkan kan fún màmá. Ẹ dáhùn èyí ná. Ojú wo ni wọ́n ṣe? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Àìsàn wo ni wọ́n ń tọ́jú tẹ́lẹ̀, oògùn wo ni wọ́n ń lò? Kí àbúrò yín sì tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, kó tún un yà lọ́sàn-án, kó rí i pé etí ọ̀tún rẹ̀ kò gé. Lẹ́yìn `1/` nínú ìlà kìíní, nǹkan kan ṣì wà níbẹ̀ tí fọ́tò kò mú. Ó lè jẹ́ 7, ó lè jẹ́ 52, ó lè jẹ́ 12. Mo fura sí 52. Ìfura kọ́ ni oògùn.

---

ÌyáÌbejì_Mushin · 8:40 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́. Oògùn àkọ́kọ́ yẹn wọ́n gan-an lóde báyìí o. Kẹ́mísìtì ìdí ilé wa ní irú ẹ̀, ó máa ń dín in kù fún mi. Ẹ fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí i, yóò di gbogbo rẹ̀ fún yín, ẹ ò ní wàhálà láti wá ilé ìwòsàn kiri.

---

Apòògùn_Táyọ̀ · 8:46 alẹ́

ÌyáÌbejì, ẹ ṣé mà. Àdùkẹ́ kò bèèrè iye rẹ̀, bí wọ́n á ṣe lò ó ni. Kẹ́mísìtì àdúgbò ní ìwé àṣẹ láti ta ìwọ̀nba oògùn tí kò nílò ìwé dókítà. Sítẹ́rọ́ọ̀dù ojú kò sí nínú rẹ̀. Ilé oògùn tí apòògùn fúnra rẹ̀ wà ni kí wọ́n gbé ìwé náà lọ.

---

Àdùkẹ́_Ìkẹjà · 9:05 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, Apòògùn Táyọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe àbúrò mi ni. Ọmọ ọdún 71 ni màmá. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà, amlodípínì ni wọ́n ń lò. Bàńdéèjì wà ní ojú òsì. Mo ní kó tún wò ó. Ó ní òsì ni, òun jókòó tì wọ́n.

---

Nọ́ọ̀sì_Hiúsítìnì · 9:11 alẹ́

Òsì? Ha. Nígbà náà kí ni oògùn ìlà kejì tó ń dènà kòkòrò ń ṣe ní ojú ọ̀tún? Ojú tí wọ́n là ló nílò rẹ̀. Ẹ má kán ohunkóhun o. Mo mú ọ̀rọ̀ ọkàn mi tó balẹ̀ yẹn kúrò.

---

BàbáRẹ̀mí · 9:15 alẹ́

Ohun tí mo wí náà nìyẹn! Tó bá jẹ́ ojú òsì ni wọ́n ṣe, `OD` kò lè jẹ́ ojú ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni. Kí wọ́n kán gbogbo rẹ̀ sí ojú òsì, ó parí.

---

Apòògùn_Táyọ̀ · 9:38 alẹ́

BàbáRẹ̀mí, ẹ jọ̀ọ́ sà, kò tíì parí. Mo tún fọ́tò náà wò, mo fẹ̀ ẹ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwọ̀ lásán. Ẹ wo lẹ́tà kejì nínú `OD` ìlà kẹta: ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ṣánṣán, ikùn rẹ̀ kọjú sí ọ̀tún. `D` gidi ni. Ti ìlà kejì kò ní ẹ̀yìn tó dúró. Ó wọ́, ó ká lókè, ó ká nísàlẹ̀, yíǹkì sì ti so orí àti ìdí rẹ̀ pọ̀. Ó lè jẹ́ `S` tí ọwọ́ yára pa dé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìlà kejì lọ sí ojú òsì tí wọ́n ṣe, ìlà kẹta lọ sí ojú ọ̀tún tó ní àrùn mìíràn, bóyá gilókómà, tí ìfúnpá inú ojú fi máa ń ga. Tímólọ́ọ̀lù ìlà kẹta, oògùn tó ń mú ìfúnpá náà wálẹ̀ ni.

Ẹ rí i pé ohun tí mo ṣàlàyé bá ara mu. Ó bá ara mu, síbẹ̀ mi ò lè fọwọ́ sí i. Àlàyé BàbáRẹ̀mí náà dà bí ẹni pé ó bá bàńdéèjì mu. Bí èmi bá ṣì í, sítẹ́rọ́ọ̀dù lè wọ ojú tí ìfúnpá rẹ̀ ti ga, kó sì tún gbé e sókè. Ojú tí wọ́n là á wà láìní ohun tó dáàbò bò ó. Ẹni kan ṣoṣo ló mọ ohun tó kọ. Apòògùn tó mú ìwé gan-an lọ́wọ́ lè fóònù rẹ̀, ó sì lè kọ orúkọ ẹni tó dá a lóhùn àti àkókò sára ìwé náà. Èmi tí mo wà nídìí fóònù níbí kò lè ṣe ìyẹn.

---

BàbáRẹ̀mí · 9:50 alẹ́

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé apòògùn ga ju dókítà lọ. Dókítà ló kọ ọ́. Bí ó bá kọ ọ́ burúkú, ẹ̀bi rẹ̀ ni. Kí ló kan ẹni tó ń tà á?

---

Apòògùn_Táyọ̀ · 10:14 alẹ́

Kò ga ju dókítà lọ, sà. Ṣùgbọ́n ó kàn án, òfin sì ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń kọ́ àwa apòògùn. Dókítà kọ `Amoxil`, oògùn kòkòrò, fún ọkùnrin kan. Ọwọ́ rẹ̀ kò dára, apòògùn kà á sí `Daonil`, oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Ọkùnrin náà kò ní ìtọ̀ ṣúgà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ sì bàjẹ́ títí ayé. Ní 1989, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fara mọ́ ọn pé ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀bi wà lọ́rùn dókítà, ìdá 75 wà lọ́rùn apòògùn.

Kí ló dé tí ti apòògùn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ohun tó wà lójú rẹ̀ tó láti dá a dúró. Ìwé náà sọ mílígíráàmù 250. `Daonil` tó gbé kalẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 5. Ìwé náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, wọn kì í lo oògùn ṣúgà yẹn bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà sì sanwó, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kì í sanwó oògùn nílẹ̀ náà. Ẹni tó ń ka lẹ́tà nìkan kò lè rí èyí. Ẹni tó mọ ìwọ̀n tí oògùn kọ̀ọ̀kan ń wá àti bí wọ́n ṣe ń lò ó ló lè sọ pé "dúró ná, kò jọra."

Àdùkẹ́, kí àbúrò yín gbé ojúlówó ìwé lọ láàárọ̀ ọ̀la, kó sì di gbogbo oògùn tó wà nínú àpótí màmá sínú ọ̀rá, kó kó o dání. Gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí wọn ò ka sí oògùn.

---

Àdùkẹ́_Ìkẹjà · Ẹtì, 11:20 àárọ̀

Ẹ kú àdúrótì mi o. Àbúrò mi dé ilé oògùn lẹ́yìn aago mẹ́jọ. Apòògùn ibẹ̀, obìnrin ni, mú ìwé náà lọ síbi fèrèsé, ó wò ó, ó sì fóònù ilé ìwòsàn níṣojú rẹ̀. Ó gba àkókò kí wọ́n tó rí dókítà náà.

`OS` ni ìlà kejì. Ojú òsì. Ìlà kìíní náà, `OS` wà ní etí ìwé tó ká, `52` ló sì wà lẹ́yìn `1/`. Ìlà kẹta ni ojú ọ̀tún, ti gilókómà, bí ẹ ṣe fura.

Ṣùgbọ́n ohun tó bà mí lẹ́rù nìyí. Nígbà tó tú ọ̀rá oògùn màmá, ó rí ohun ìfàsẹ́nu aláwọ̀ búlúù níbẹ̀. Ó ní ta ló ni ín. Màmá ní ti àwọn ni, pé nígbà ọyẹ́ tí àyà bá ń há wọn ni wọ́n ń fà á, pé kì í ṣe àìsàn. A ò sọ fún ilé ìwòsàn rí, torí àwa náà ò kà á sí nǹkan. Ó tún fóònù dókítà. Wọ́n ní kí a má bẹ̀rẹ̀ tímólọ́ọ̀lù rárá, kí màmá wá lọ́jọ́ Ajé kí wọ́n wo ojú ọ̀tún náà. Kí ni ẹ̀kán oògùn ojú fẹ́ ṣe fún àyà?

---

Apòògùn_Táyọ̀ · 11:47 àárọ̀

Ẹ kú oríire, ẹ bá mi kí apòògùn yẹn. Ihò kékeré kan wà ní igun ojú lápá imú. Omijé ń gba ibẹ̀ lọ sí imú, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń sunkún fi ń fọn ikun. Oògùn náà ń gba ọ̀nà kan náà, ó sì ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ láìgba inú kọjá. Tímólọ́ọ̀lù máa ń fún ọ̀nà èémí pa. Lára ẹni tí èémí rẹ̀ dára, wọn lè má mọ̀. Ẹni tó ní ásímà, irú ẹni tó ń lo ohun ìfàsẹ́nu bíi ti màmá, ẹ̀kán kan lè mú kí èémí rẹ̀ há. Kò sí lẹ́tà kan nínú ìwé yẹn tó ṣòro kà nínú ìlà kẹta, mo kà á tán lálẹ́ àná. Síbẹ̀ òun gan-an ni kò yẹ kí màmá lò.

Ẹ gbọn ìgò sítẹ́rọ́ọ̀dù yẹn dáadáa kí ẹ tó kán an, oògùn inú rẹ̀ máa ń lọ sísàlẹ̀ ìgò. Kí wọ́n sì fi bí ìṣẹ́jú márùn-ún sáàárín ìgò méjèèjì, kí èkejì má baà fọ ti àkọ́kọ́ dànù.

---

Àdùkẹ́_Ìkẹjà · 12:03 ọ̀sán

Ó ti so òwú pupa mọ́ ọrùn ìgò méjèèjì tó jẹ́ ti ojú òsì. Ó sì kọ ọ́ lédè Yorùbá sára páálí: "Ojú òsì nìkan. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, kí ẹ tó sùn." Ti sítẹ́rọ́ọ̀dù, ó kọ déètì tí wọ́n á dín in kù sí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan, déètì gan-an, kì í ṣe "ọ̀sẹ̀ kejì".

---

Nọ́ọ̀sì_Hiúsítìnì · 12:30 ọ̀sán

Déètì yẹn dára púpọ̀. Apòògùn Táyọ̀, mo ní ìbéèrè kan. Ẹ̀yin ò fẹ́ ká túmọ̀ ìwé oògùn láti inú fọ́tò. Ṣùgbọ́n ká ní Àdùkẹ́ kò gbé fọ́tò náà síbí lálẹ́ àná, ta ni ì bá bèèrè ojú tí bàńdéèjì wà? Abúlé mìíràn wà tí apòògùn tó sún mọ́ ọn jù jẹ́ ìrìn wákàtí méjì. Kí ni kí àwọn yẹn ṣe?

---

Apòògùn_Táyọ̀ · 1:05 ọ̀sán

Òótọ́ lẹ sọ, n ò ní ìdáhùn tó tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Kí wọ́n fi fọ́tò bèèrè, mo gbà. Àwa kan ń gba fọ́tò lórí fóònù, a ó sì pe dókítà kí oògùn tó kúrò nílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kò gbà á rárá, wọ́n ní ẹni tí kò rí ojúlówó ìwé lè fún ẹni mẹ́ta ní oògùn lórí ìwé kan. Wọn kò parọ́. A ṣì ń jà á láàárín ara wa.

---

BàbáRẹ̀mí · 1:18 ọ̀sán

Kí ilé ìwòsàn yéé fi ọwọ́ kọ ọ́, ká bọ́. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde látinú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n kọ "ojú òsì" tó kún. Ṣùgbọ́n Àdùkẹ́, `3/7` mi yẹn, má jẹ́ kí màmá tẹ̀ lé e o. Ìrora wọn ńkọ́?

---

Àdùkẹ́_Ìkẹjà · 1:25 ọ̀sán

Wọ́n ní kò dùn àwọn, bàbá, ó kàn ń yún wọn. Wọn ò tíì lo parasitamọ́ọ̀lù kankan. Ọjọ́ Ajé ni a máa mọ ohun tí wọ́n á fún ojú ọ̀tún dípò èyí tí wọ́n dá dúró, màá wá sọ fún yín.